Ìwé Ta Ni Orúkọ Yín Wà? Ọjà Kírípítò àti Ọjà Ìpín-Ìdókòwò

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn tó fi owó sínú FTX tẹ ibi tí wọ́n máa ń tẹ̀ lórí fóònù láti gba owó jáde, owó kò sì jáde. Iye tó wà lójú fóònù kò yí padà. Ẹni tó ní bítíkọ́ìnì kan ṣì ń rí bítíkọ́ìnì kan, ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là ṣì ń rí i níbẹ̀ pé pérépéré. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ yìí lọ sílé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà, ó ní gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé wò, nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là ló dín nínú owó àwọn oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà. Nestcoin, iléeṣẹ́ kírípítò kan tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, kéde lóṣù náà pé inú FTX ni òun kó apá tó pọ̀ sí nínú owó tí òun fi ń ṣiṣẹ́, ó sì dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró. Àwọn tó dá a sílẹ̀ kì í ṣe òpè nínú òwò yìí. Ohun tó ká mi lára jù nìyẹn. Bí ẹni tó mọ tinú tòde iṣẹ́ náà bá lè kó owó oṣù òṣìṣẹ́ síbẹ̀, kí ni ká retí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí oníṣòwò tó kàn rí àwòrán iye owó tó ń lọ sókè sódò lórí fóònù, tó sì gbà pé irú ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ta ìpín báńkì? Ojú àwọn méjèèjì jọra wọn. Inú wọn kò jọra rárá, inú yẹn ni mo sì fẹ́ kí a wò.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé rírà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ọjà ìpín-ìdókòwò Nàìjíríà tí a mọ̀ sí NGX. Ká ní obìnrin kan n'Ìbàdàn fẹ́ ra ẹgbẹ̀rún kan ìpín nínú báńkì kan. Kò lè lọ bá NGX fúnra rẹ̀, ó ní láti gba ọwọ́ alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ. Alágbàtà yìí á kọ́kọ́ bá a ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ CSCS, iléeṣẹ́ tó ti ń tọ́jú ìpín gbogbo ọjà náà láti ọdún 1997, CSCS á sì fún un ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní CHN. Orúkọ obìnrin náà ni nọ́ńbà yìí ń jẹ́, kì í ṣe orúkọ alágbàtà. Lọ́jọ́ tó bá ra ìpín, NGX á so ẹni tó ń rà mọ́ ẹni tó ń tà. CSCS á yọ ìpín kúrò lórúkọ ẹni tó tà, á gbé e sí orúkọ ẹni tó rà, báńkì tí wọ́n yàn fún ìsanwó á sì gbé owó gba ọ̀nà kejì. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni èyí fi ń parí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi nígbà tí ọdún 2025 ń parí lọ tí wọ́n dín in kù sí ọjọ́ iṣẹ́ méjì. Lẹ́yìn èyí ni rẹ́jísírà iléeṣẹ́ tí wọ́n ra ìpín rẹ̀ á kọ orúkọ obìnrin náà sínú ìwé àwọn onípìn-ín, ìwé yẹn ni wọ́n sì máa ń wò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pín èrè.

Alágbàtà kan, ọjà kan, olùtọ́jú kan, báńkì kan, rẹ́jísírà kan: ọwọ́ márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún ìpín yẹn kàn, kò sì rọrùn kí ìkankan nínú wọn dá gbé e lọ. Ètò yìí ń fa nǹkan falẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gba owó iṣẹ́ tirẹ̀. Àmọ́ tí alágbàtà bá kógbá sílé lọ́la, ìpín obìnrin wa yìí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Á wá alágbàtà mìíràn, á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, CSCS á sì gbé àkáǹtì rẹ̀ sábẹ́ ẹni tuntun náà.

Ibì kan wà tí ètò yìí ti lẹ́gẹ́, mi ò sì ní fi pa mọ́. Owó tó wà lọ́wọ́ alágbàtà tí kò tíì fi ra nǹkan kan kò sí lọ́dọ̀ CSCS. Tí alágbàtà náà bá kú gbèsè, owó yẹn ló máa kọ́kọ́ wọ inú ewu. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí ní Nàìjíríà pé alágbàtà ta ìpín oníbàárà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá ìpín àwọn àgbàlagbà tí kì í yẹ àkáǹtì wọn wò àti ti àwọn tó ti kú tí àwọn ọmọ kò mọ̀ pé bàbá wọn ní ìpín. Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe ṣètò pé kí ọ̀rọ̀ máa wọlé sórí fóònù onípìn-ín nígbà tí nǹkan bá kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe ètò tí owó ìpín tí ẹ tà fi lè lọ tààrà sí àkáǹtì báńkì yín láìdúró lọ́dọ̀ alágbàtà. Àpò ìdáàbòbò tún wà tí wọ́n fi ń san nǹkan padà fún àwọn tí alágbàtà bá lù ní jìbìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí ẹnì kan lè gbà níbẹ̀ ní òté, tí sísan rẹ̀ sì lè pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òdìkejì. Tí ẹ bá fi bítíkọ́ìnì ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín ní ojú ọjà kírípítò kan, àpò iléeṣẹ́ náà ló wọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí àpò yẹn, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n lè fi gbé owó inú rẹ̀, ọwọ́ wọn ló wà. Ohun tí ẹ̀yin ní ni ìlà kan nínú ìwé wọn, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn jẹ yín ní iye báyìí. Tí ẹ bá tà á fún ẹlòmíràn ní ojú ọjà kan náà, kò sí bítíkọ́ìnì kankan tó rìn láàárín ẹ̀yin méjèèjì, wọ́n kàn dín nọ́ńbà yín kù, wọ́n fi kún ti ẹni kejì. Alájọ ló ṣe é fi wé: àmì tó wà nínú káàdì ni ẹ rí, owó wà lápò alájọ. Ó lè jẹ́ olóòótọ́ fún ogún ọdún, àmọ́ òótọ́ inú rẹ̀ nìkan ló dúró láàárín ẹ̀yin àti owó yín.

Iléeṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ló ni ojú ọjà, òun ni alágbàtà, òun ni olùtọ́jú, òun náà ló ń kọ ìwé. Nígbà mìíràn, òun tàbí ẹni tó sún mọ́ ọn tún ń rà, ó ń tà, nínú ọjà kan náà pẹ̀lú àwọn oníbàárà rẹ̀. Bó ṣe rí ní FTX nìyẹn. Sam Bankman-Fried tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2019 ló tún ni Alameda Research, iléeṣẹ́ kan tó ń ra kírípítò, tó sì ń tà á. Ìwé àdéhùn FTX sọ ọ́ kedere pé oníbàárà ló ni kírípítò tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀, pé kò sígbà kankan tó di ti FTX. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú dọ́là tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́, àkáǹtì báńkì tó wà lábẹ́ Alameda ló wọ̀. Nínú kóòdù tó ń darí ọjà náà, wọ́n fún àkáǹtì Alameda ní àyè kan tí wọ́n pè ní `allow_negative`, èyí tó túmọ̀ sí pé Alameda lè ná kọjá ohun tó ní, kí ìkànnì má sì dá a dúró bí ó ṣe ń dá gbogbo oníbàárà yòókù dúró. Ẹni tó jọ dá FTX sílẹ̀ jẹ́rìí nílé ẹjọ́ pé iye tí Alameda lè yá dé bílíọ̀nù márùndínláàádọ́rin dọ́là.

Kó tó di pé ìpín gbogbo oníbàárà lè sọnù bẹ́ẹ̀ ní NGX, iléeṣẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ ní láti jọ gbìmọ̀ purọ́. Ní FTX, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló mọ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn CoinDesk gbé ìwé owó Alameda jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, tí àwọn èèyàn rí i pé FTT, owó tí FTX fúnra rẹ̀ ṣe, ló pọ̀ jù nínú ohun tí Alameda pè ní dúkìá, gbogbo wọn dìde láti gba owó wọn. Nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ni wọ́n béèrè láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Owó náà kò sí. Ilé ẹjọ́ rán Bankman-Fried lọ sẹ́wọ̀n ọdún 25 ní oṣù Kẹta ọdún 2024.

Àwọn kan á sọ pé ṣebí wọ́n ti san owó padà. Wọ́n san án lóòótọ́, àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Òfin gbèsè ní Amẹ́ríkà máa ń sọ gbogbo ohun tí wọ́n jẹ èèyàn di dọ́là, ní iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ wọ ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí ìbẹ̀rù ti já ọjà wálẹ̀, dọ́là 16,871 ni wọ́n ṣírò bítíkọ́ìnì kan sí. Ní oṣù Kejì ọdún 2025 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún àwọn tí ẹ̀tọ́ wọn kò kọjá ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta dọ́là, wọ́n fi èlé sí i, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 119 lórí ọgọ́rùn-ún ẹ̀tọ́ náà. Ẹni tó ní bítíkọ́ìnì kan gba bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún dọ́là. Nígbà tí ìsanwó náà bẹ̀rẹ̀, iye bítíkọ́ìnì kan lọ́jà ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin dọ́là lọ fíìfíì. Owó tó gbà kò lè ra ìdá mẹ́rin ohun tó fi síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìpín ló wà lórúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ CSCS, tí alágbàtà rẹ̀ sì kú, ìpín náà gan-an ló máa gbà, bó ti wù kó gbówó lórí tó lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ọ̀pọ̀ fi ń yin kírípítò. Òwò ní NGX máa ń parí ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, kò sì sí òwò ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí lọ́jọ́ ìsinmi ìjọba. Ìpín kankan kò gbọdọ̀ lọ sókè tàbí wálẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́. Tí gbogbo ọjà bá sì yí ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n á dá a dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àwọn èèyàn mí. Ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2020. Sísáré wálẹ̀ kọ́ ló fà á o, sísáré sókè ni, nítorí èlé orí ìwé owó ìjọba ti wálẹ̀ gan-an, owó sì ń ya wọ inú ìpín.

Kò sí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ọjà kírípítò. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, lẹ́yìn tí ọjà ìpín ní New York ti parí, Ààrẹ Trump kọ ọ́ síta pé òun máa fi owó orí ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún ọjà tó ń ti China wọlé. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá alẹ́ lù ní Èkó. Bítíkọ́ìnì tó ti wà lókè ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà dọ́là lọ́jọ́ náà já wálẹ̀ dé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùn-ún lé lọ́gọ́rùn-ún. Owó òwò tí àwọn ìkànnì fipá tì pa láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún lé ní bílíọ̀nù mọ́kàndínlógún dọ́là.

Ẹ jẹ́ ká wo bí fífipá tì yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú ọjà kírípítò máa ń jẹ́ kí èèyàn fi owó kékeré ṣe òwò ńlá. Ẹni tó ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là lè di òwò ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là mú, ìkànnì ló yá a ní ìyókù. Tí iye ọjà bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là ti lọ, gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ìkànnì kì í dúró dé ibẹ̀. Á ta gbogbo rẹ̀ ṣáájú kó má bàa wọ owó tirẹ̀. Títà yẹn tún ń fa iye ọjà wálẹ̀, èyí sì ń mú kí wọ́n fipá ta ti ẹlòmíràn. Ẹni tó sùn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà tó jí láàárọ̀ Sátidé bá òfo. Ẹni tó ní ìpín ní New York ní ọjọ́ méjì gbáko láti ronú, nígbà tó sì di ọjọ́ Ajé, ìpín níbẹ̀ gbéra padà. Mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn tó ń tì máa ń bí èèyàn nínú lọ́jọ́ tó bá nílò owó kíákíá. Síbẹ̀, ní tèmi, ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìbẹ̀rù ara wọn.

Ní ti àwọn alábòójútó, ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì gbogbo ẹni tó ń ṣòwò kírípítò. Òwò náà kò dúró, ó kàn kó sí ọwọ́ ẹnìkan-sí-ẹnìkan, níbi tí èèyàn ti ń san náírà fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Wọ́n yí àṣẹ náà padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, SEC, àjọ tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò, fún Quidax àti Busha ní àṣẹ àkọ́kọ́. Lóṣù Kẹta ọdún 2025, òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí wá kó kírípítò sábẹ́ SEC pátápátá.

Ìlọsíwájú nìyẹn, ṣùgbọ́n ìkànnì tó gba àṣẹ ní Nàìjíríà nìkan ni ọwọ́ SEC tó dáadáa. FTX tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń lò, Antigua àti Barbuda ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Bahamas ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà, Delaware ni ẹjọ́ gbèsè rẹ̀ ti wáyé. Ta ni oníbàárà tó wà ní Abẹ́òkúta fẹ́ lọ bá? Inú àlàfo yìí náà ni àwọn tó kàn ń pe ara wọn ní ọjà kírípítò ti ń rí àyè wọlé. CBEX tó fọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, tí àwọn tí inú ń bí fi lọ ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, kò gba àṣẹ SEC rí. Ó ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Nígbà tí owó kò jáde mọ́, ó ní kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ san ọgọ́rùn-ún tàbí igba dọ́là kún un kí òun lè dá wọn mọ̀. Kò sí ojú ọjà gidi kan, yálà ti kírípítò tàbí ti ìpín, tó ń gba owó tuntun lọ́wọ́ oníbàárà kó tó fún un ní owó rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń sọ pé ìpín kò léwu. Òṣùwọ̀n ọjà ìpín wa lé ní 66,000 ní oṣù Kẹta ọdún 2008. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti já dé nǹkan bí 20,000. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìjọba gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, àwọn tó ní ìpín níbẹ̀ sì pàdánù gbogbo rẹ̀. CSCS tọ́jú ìpín wọn dáadáa títí ìpín náà fi di asán. Irú ewu tí ìtọ́jú kankan kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí: pé ohun tí a rà fúnra rẹ̀ lè kú. Ẹni tó ra bítíkọ́ìnì náà ní ewu yìí, pàápàá bó ṣe jẹ́ pé kò sí báńkì tàbí sìmẹ́ńtì tó ń pa èrè lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún di ewu kejì rù, ewu ẹni tó bá a fi í pa mọ́, ewu kejì yìí ló sì pa àwọn oníbàárà FTX. Ní ọjọ́ tí FTX ti ilẹ̀kùn, iye bítíkọ́ìnì já wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bítíkọ́ìnì fúnra rẹ̀ kò kú.

Èèyàn lè bọ́ lọ́wọ́ ewu kejì yìí tó bá gbé kírípítò rẹ̀ sínú àpò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó ní ohun tó ń gbà o. Tí ọ̀rọ̀ àṣírí méjìlá tàbí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n fún un bá sọnù, tàbí tí ẹlòmíràn bá rí i, kò sí ọ́fíìsì tó máa lọ, kò sì sí adájọ́ tó lè bá a gba owó náà padà. Fún ẹni tí kò lè tọ́jú irú àṣírí bẹ́ẹ̀, ìkànnì tó gba àṣẹ ṣì sàn jù.

Ẹ̀yin tó ní ìpín, ẹ béèrè nọ́ńbà CHN yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba ìwé àkáǹtì lọ́wọ́ CSCS tààrà, kí ẹ sì fi wé èyí tí alágbàtà yín fún yín. Tí iye ìpín inú méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ kọ̀wé sí SEC. Ẹ fi orúkọ ẹni tó máa jogún yín sí i, torí pé òkú kì í ka ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ẹ̀yin tó ń lo ojú ọjà kírípítò, ẹ lọ wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì SEC, kí ẹ máa gba owó díẹ̀ jáde lóòrèkóòrè láti mọ̀ bóyá ó ń jáde. Lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, ẹ má dúró gbọ́ àlàyé. Ẹ má sì fi ohun tí ẹ kò ní tà lọ́sẹ̀ yìí sílẹ̀ síbẹ̀.